Ara ọmọ mi sú nígbà tó ń lo amóksísílìn: ṣé lóòótọ́ ni ara rẹ̀ kò gbà á?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (Ìṣọ́kùn, Iléṣà)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni wọ́n fún ní amóksísílìn olómi ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn torí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Ní ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, nígbà tó di ọjọ́ kẹfà ara rẹ̀ sú. Níbi tí a ti ra oògùn náà, wọ́n ní ká dá a dúró, wọ́n sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílìn. Ọ̀nà ọ̀fun yẹn ti tún dé lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà rí káàdì, ó fún un ní ẹritiromáísìn, gbogbo ẹ̀ ni ọmọ ń bì jáde. Ṣé lóòótọ́ ni ara rẹ̀ kò gba amóksísílìn? Kí ló sì kù tí a lè fún un?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Tòótọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wo ọmọ sàn. Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Oògùn tó bá ti mú ara ọmọ sú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe fún un mọ́ láyé. Ìgbẹ́ gbuuru yẹn gan-an ni àmì àkọ́kọ́, ẹ ò tètè fura ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn, ara rẹ̀ kì í gba amóksísílìn. Ámpíkílọ́ksì la máa ń rà fún un, ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí, nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ bá wọn ra Ámpíkílọ́ksì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àbúrò mi, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lè pa ọmọ. Oògùn méjì ló wà nínú Ámpíkílọ́ksì, ampisílìn àti kiloksasílìn, pẹnisílìn sì ni àwọn méjèèjì. Ampisílìn gan-an ló jọ amóksísílìn jù nínú gbogbo ìdílé yẹn, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ọ́gúmẹ́ntìn náà, amóksísílìn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fi nǹkan mìíràn tì í lẹ́yìn ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ọ̀kan lóòótọ́, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan èkejì. Ó sì tún yẹ kí ẹ ro èyí: bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ti lo Ámpíkílọ́ksì fún ọdún mẹ́ta láìsí nǹkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara rẹ̀ ò fìgbà kan kọ amóksísílìn. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí, kí ẹ lè mọ ohun tí à ń pè ní kí ara kọ oògùn. Ọkùnrin kan tó ní egbò lẹ́sẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìn nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì sọ owú nù tán tó fi ní, "Nọ́ọ̀sì, àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi." Mo bojú wò ó, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wú. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ohùn rẹ̀ ti ha, àyà rẹ̀ ń han bíi ti oníkọ́ fée, ó bì, ó sì ṣubú lulẹ̀. Adirẹnalíìn ló gbà á là, ìdajì milílítà sínú iṣan itan lójú ẹsẹ̀, a sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Pírítọ́ọ̀nù kì í dá irú ìyẹn dúró. Nígbà tó gbádùn tán ló tó jẹ́wọ́ pé lọ́jọ́ tó gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ yún òun díẹ̀, òun ò kà á sí.

Nítorí náà, ibi tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti tọ̀nà ni pé ẹni tí irú èyí bá ti ṣe, kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò mọ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ ti ọjọ́ kẹfà yìí, mi ò rò pé ohun kan náà ni. Apòògùn Ẹrẹ́jà, ẹ wà níbí?

Apòògùn Ẹrẹ́jà

Mo wà níbí mà, ẹ kú iṣẹ́ mà.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ìgbẹ́ gbuuru kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ló ń da ojú rẹ̀ rú. Kòkòrò rere pọ̀ nínú ìfun wa, àwọn ló ń bá wa mú oúnjẹ dà. Amóksísílìn kì í yan ẹni tó máa pa, bó ṣe ń pa kòkòrò ọ̀fun ló ń pa ti ìfun. Ohun tó ń mú ìgbẹ́ ṣàn nìyẹn. Wàhálà ìfun ni, kì í ṣe pé ara kọ oògùn. Bí inú bá ń ru ọmọ tàbí tó bì díẹ̀ lẹ́yìn oògùn, tí kò sí nǹkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, bákan náà ni. Ohun tí à ń ṣe sí i ni pé ká fún un lóògùn lẹ́yìn oúnjẹ, ká sì máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí inú ń dùn ún gan-an, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ó wá ku ara tó sú. Ẹ dáhùn èyí fún mi, ẹ fara balẹ̀ rántí. Lọ́jọ́ kẹfà yẹn, wákàtí mélòó lẹ́yìn tó mu oògùn lẹ rí i? Ṣé ó wú sókè bí ìgbà tí wèrèpè bá bá èèyàn lára, tó ń kúrò níbì kan tó ń yọ níbòmíràn, àbí ojú kan náà ló wà fún ọjọ́ púpọ̀? Ṣé ètè, ojú tàbí ahọ́n rẹ̀ wú? Ṣé mímí rẹ̀ yí padà? Ṣé ẹnu tàbí ojú rẹ̀ ní egbò, ṣé awọ ara rẹ̀ lé ròrò tàbí bó? Ẹ sọ bí ọmọ ṣe ń ṣe náà, ṣé ó ń ṣeré àbí ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ sì sọ bó ṣe wọ̀n tó lórí ìwọ̀n.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé mà. Mo pe ìyá mi kí n tó kọ èyí torí ọwọ́ wọn lọmọ wà lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ ni, kò tíì mu oògùn rárá. Èyí tó mu kẹ́yìn jẹ́ ti alẹ́ àná ẹ̀. Ìyá mi ń wẹ̀ ẹ́ ni wọ́n rí i ní ikùn àti ẹ̀yìn, wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé apá àti ojú. Kò wú bíi ti wèrèpè. Ó ń yún un díẹ̀, kò pọ̀. Ètè ò wú, ẹnu ò ní egbò, mímí rẹ̀ dáa. Kò ní ibà mọ́ lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù ló ń gbá nínú iyàrá. Ó wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, lójú kan náà, lẹ́yìn náà ó rọ. Ó dà bíi pé ibẹ̀ hó díẹ̀ bí ìgbà tí ara bá gbẹ nígbà ọyẹ́. Mílígíráàmù 250 nínú milílítà 5 ni ìgò yẹn, milílítà 5 ló ń mu lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kílógíráàmù 16 ló wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀dọ́ Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Láti kékeré, bí mo bá ti lo kilorokúìn báyìí, ara mi á máa yún mi bíi pé èèrà ń rìn lára mi, mi ò ní lè sùn. Èmi náà ò wá gbọdọ̀ lo amóksísílìn nìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi pé bí a ṣe ń dán an wò nílé ni pé kí wọ́n tú kápúsù rẹ̀, kí wọ́n fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ra ẹ̀yìn ọwọ́, bí kò bá yún, kí wọ́n fún ọmọ ní ìdajì ṣíbí kékeré. Ìyá Ọmọ Mẹ́ta lè gbìyànjú ẹ̀.

Apòògùn Ẹrẹ́jà

Ọ̀dọ́ Lágéré, ara yíyún tí kilorokúìn ń fà wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ara á máa yún, àmọ́ kò ní wú, kò ní sú, kò sì bá pẹnisílìn tan rárá. Ẹ lè lo amóksísílìn bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba ìmọ̀ràn ìdánwò yẹn padà. Ìyẹ̀fun tí a fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ kò lè sọ nǹkan kan fún wa, ara tó máa kọ oògùn náà gan-an lè má yún níbẹ̀. Bí ẹ bá sì wá fún ọmọ ní ìdajì ṣíbí nílé, tó bá jẹ́ irú èyí tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ ni, ta ló máa gún un ní adirẹnalíìn?

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ìdáhùn yín ṣe kedere. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e bí a ṣe máa ń tẹ̀ lé e nídìí iṣẹ́ wa.

Aago ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ara tó bá ń kọ pẹnisílìn lóòótọ́, tó jẹ́ irú èyí tó ń pààyàn, ó ti ní ẹ̀ṣọ́ tó ti lúgọ de oògùn náà. Bí oògùn bá ti wọlé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí kan ló sábà máa ń hàn, ó ṣọ̀wọ́n kó kọjá wákàtí mẹ́fà. Tiyín, òru kan gbáko ló wà láàárín oògùn tó mu kẹ́yìn àti ìgbà tí ara sú, ó sì ti mu ún fún ọjọ́ márùn-ún gbáko láìsí nǹkan. Ìyẹn nìkan ti mú ọkàn mi kúrò níbi ẹ̀ṣọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni bó ṣe rí. Irú tó léwu máa ń wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ó máa ń yún gan-an, ojú kan kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Èyí tó wà níhìn-ín lówùúrọ̀ lè ti lọ lọ́sàn-án kí òmíràn ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ọmọ yín jẹ́ wẹ́wẹ́, láti ikùn àti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó jókòó sójú kan fún ọjọ́ márùn-ún, ó wá hó. Irú èyí máa ń yọ láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹwàá lára àwọn ọmọdé tó ń lo amóksísílìn. A rí i gan-an.

Kí ló wá fà á? Ibí yìí ni mi ò ti lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ oògùn náà ló fà á, ní ọ̀nà tó ń falẹ̀ tí kò sì léwu. Ó sì lè jẹ́ àìsàn ọ̀fun yẹn gan-an, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ọ̀fun dun ọmọ máa ń mú ara sú fúnra wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn, èyí tó máa ń mú kókó ọrùn wú, tó jẹ́ pé bí a bá fi amóksísílìn lé e, ara á sú yìì. Bí àìsàn náà bá lọ tán, ẹni náà tún lè lo oògùn náà láìsí wàhálà. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá, a ò lè mọ èyí tó jẹ́ mọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí àwọn dókítà kó irú àwọn ọmọ báyìí jọ, tí wọ́n sì tún fún wọn ní amóksísílìn lábẹ́ àmójútó, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí nǹkan kan ò ṣe.

Torí náà, lójú tèmi, ohun tí wọ́n fi bírò pupa kọ yẹn ti le jù.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mi ò fi ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti sọ pé awọ ara ń dùn ún dípò kó máa yún, pé ó lé ròrò tàbí ó bó, pé ẹnu, ojú tàbí ojú ara rẹ̀ ní egbò, pé ibà mú un gan-an tí ojú rẹ̀ sì wú, mi ò ní dúró sọ̀rọ̀ rárá. Ìyẹn náà máa ń pẹ́ kó tó yọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó burú ju èyíkéyìí lọ. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe, a kì í dán oògùn náà wò lára rẹ̀ mọ́, kódà nílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Apòògùn ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un, torí ìwé tí a kà nílé ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé ara á "pọ́n". Lára ọmọ wa, ta ló rí pípọ́n? Ìyá tó ń wá pípọ́n máa ní ara ọmọ òun ò sú. Ẹ gbé ọmọ síbi fèrèsé, kì í ṣe abẹ́ iná gílóòbù. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka yín rọra gba ikùn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ojú dídì. Èyí tó wú máa gbé ìka yín sókè, wẹ́wẹ́ á dà bí iyanrìn. Ibi tó sú á dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí kó rí bí èsè àlùkò. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ètè, ibẹ̀ ni àwọ̀ ti máa ń hàn lára wa. Bí ẹ bá fi ife onígíláàsì tẹ̀ ẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ò sì ṣí, tí ọmọ tún ń gbóná, ẹ má ṣe dúró wá kọ̀wé síbí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹ fi fóònù ya á lójoojúmọ́, ẹ fi péènì yí ojú kan ká lára rẹ̀. Bí ojú yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ti dáhùn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù tí dókítà máa bi yín.

Tíṣà Ìmọ̀

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín tọkàntọkàn. Oògùn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ló dé tí a fi máa ń wá ọ̀nà láti tún fún ọmọ ní nǹkan tó ti mú ara rẹ̀ sú? Ẹ fún un ní Sẹ́ptírìn, Fulájíìlì tàbí sípíró, kí àlàáfíà wà. Èmi ò ní gbà kí wọ́n fi ọmọ mi dán nǹkan wò.

Apòògùn Ẹrẹ́jà

Tíṣà, mi ò bá yín jà, ìbẹ̀rù yín bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹ wo àwọn tí ẹ dárúkọ. Fulájíìlì kì í pa kòkòrò tó ń mú ọ̀fun ọmọ dùn. Sẹ́ptírìn kì í lé kòkòrò yẹn kúrò ní ọ̀fun tán, òun alára sì wà lára àwọn oògùn tó ń fa irú ara bíbó tó burú tí mo sọ lókè, ju bí amóksísílìn ṣe ń fà á lọ. Sípíró kò lágbára tó fún kòkòrò yìí, kì í sì í ṣe ohun tí a kọ́kọ́ ń fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí àmì pupa orí káàdì ń ṣe nìyẹn: ó ń lé ọmọ kúrò nídìí oògùn tó dáa jù fún un, tí owó rẹ̀ ò sì wọ́n, lọ sídìí èyí tó lè ṣe é léṣe.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká wá sórí ti ọ̀sẹ̀ yìí. Kí a tó sọ oògùn tó máa rọ́pò, ṣé ọ̀fun tó nílò oògùn ni? Bí imú rẹ̀ bá ń ṣàn, tó ń wúkọ́, tí ohùn rẹ̀ ha, kòkòrò àìfojúrí ló sábà máa ń jẹ́, kò sì sí èyí tó máa ràn án lọ́wọ́ nínú gbogbo oògùn tí à ń dárúkọ yìí. Parasítámọ́ọ̀lù àti omi tó. Bó bá jẹ́ pé ibà wà, kókó ọrùn wú, ọyún funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, tí kò sì wúkọ́, ìgbà yẹn la máa ń wá oògùn.

Bí ó bá nílò rẹ̀, asitiromáísìn ló sún mọ́ wa jù. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹritiromáísìn, àmọ́ kì í da ikùn rú tó o. Fún ọ̀fun, mílígíráàmù 12 fún kílógíráàmù kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ọmọ tó wọ̀n tó kílógíráàmù 16, ìyẹn lé díẹ̀ ní mílígíráàmù 190. Nínú ìgò tó jẹ́ 200 nínú milílítà 5, ó dín díẹ̀ ní milílítà 5. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ fún àìsàn mìíràn, ọ̀fun nílò márùn-ún. Dókítà yín ni kó kọ ọ́, ẹ má fi ìṣirò mi ra á. Ẹ sì sọ fún un bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ní àìsàn ọkàn tó máa ń mú kí wọ́n dákú lójijì. Ohun tí mi ò fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé níbi púpọ̀, kòkòrò ti ń mọ̀ ọ́n sá fún.

Sẹfuróksíìmù náà wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ń ta oògùn, máa ń bẹ̀rù rẹ̀ torí wọ́n ní ìbátan pẹnisílìn ni. Ìbátan ni lóòótọ́, àmọ́ apá tí ẹ̀ṣọ́ ara fi ń dá a mọ̀ kò jọ ti amóksísílìn. Ọmọ tí ohun tó ṣe é kò ju irú tiyín lọ lè lò ó. Àwọn tó jọ amóksísílìn ní tòótọ́ nínú ìdílé yẹn ni sẹfadiróksíìlì àti sẹfalẹ́ksìn. Ẹni tí ara rẹ̀ wú tàbí tí mímí rẹ̀ há nígbà kan, a kì í fún un ní méjèèjì wọ̀nyẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹnì kan tún fẹ́ kọ ọ́ sí káàdì pé ara rẹ̀ kò gba ẹritiromáísìn. Oògùn yẹn máa ń fún ìfun níṣẹ́ ni, ó máa ń mú kó máa sún kì, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń bì. Kì í ṣe pé ara kọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́.

Ìyá Ọmọbìnrin Kan (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti ń ka èyí láti àná, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ mi jẹ́ SS, ọmọ ọdún mẹ́ta. Pẹnisílìn ló ń lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́ láti ìgbà tó wà ní oṣù mẹ́ta, kí àrùn má bàa mú un. Oṣù tó kọjá ara rẹ̀ sú díẹ̀ nígbà tí ibà mú un, àbúrò ọkọ mi ní ká dá a dúró, a sì ti dá a dúró láti ìgbà náà. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ mi, ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba: lọ́la, kí ẹ gbé e lọ sí kíliníìkì tó ti ń gba ìtọ́jú. Ọmọ SS tí kò lo pẹnisílìn rẹ̀ wà nínú ewu tó ju ara sísú lọ. Ó ti lo oògùn náà fún ohun tó lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀ kó tó sú lọ́jọ́ tí ibà wà lára rẹ̀, àwọn dókítà máa fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Bí wọ́n bá ní kó má lò ó, ẹritiromáísìn ni wọ́n sábà máa fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ kó má wà láìlo nǹkan kan. Bí ibà bá tún mú un lálẹ́ òní, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ìyá Ọmọbìnrin Kan

Mo gbọ́ mà. A máa lọ lọ́la láàárọ̀.

Tíṣà Ìmọ̀

Apòògùn, ẹ ti jẹ́ kí n mọ ohun tí mi ò mọ̀ nípa Sẹ́ptírìn, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè mi. Ìdánwò tí ẹ ní wọ́n ń ṣe yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Bó bá yí padà ńkọ́?

Apòògùn Ẹrẹ́jà

Ọmọ tó wà ní àlàáfíà ni wọ́n ń ṣe é fún, tí àyà rẹ̀ ò ní ikọ́ fée lásìkò náà, tí kò sì lo Pírítọ́ọ̀nù fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí oògùn yẹn má bàa bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é, adirẹnalíìn ti wà nílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tó yẹ ọmọ ti wà lára ògiri. Àwọn mìíràn máa ń fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó fún un ní ìyókù. Wọ́n á wá máa wò ó fún wákàtí kan tàbí méjì. Fún irú ọmọ yìí, a kì í nílò abẹ́rẹ́ awọ ara ṣáájú. Bí nǹkan bá máa yí padà kíákíá, ibẹ̀ ló ti máa ṣẹlẹ̀, lójú àwọn tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ara sísú tó ń falẹ̀ ṣì lè yọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyá á máa wò ó nílé. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé kò ní yọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé èyí tó bá yọ nígbà náà sábà máa ń rọrùn bíi ti àkọ́kọ́.

Bó bá jẹ́ ẹni tí ètè rẹ̀ wú tàbí tó ṣubú rí, ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ni, kì í ṣe irú èyí.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Wẹ́sílì Gíìdì. Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní ọ̀fìnkìn ni, imú ń ṣàn, kò sí ọyún, kókó ọrùn ò wú. Ó dá ẹritiromáísìn dúró, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ọmọ ti ń jẹun.

Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un, nípa wákàtí àti bó ṣe rí. Ó ní òun náà ò rò pé ara rẹ̀ kọ amóksísílìn, àmọ́ òun ò ní pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó fa ìlà sábẹ́ bírò pupa yẹn, ó wá kọ ọ́ sí i pé: ara sú wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ kẹfà, kò wú, mímí dáa, ẹnu ò ní egbò, ìgbẹ́ gbuuru nítorí oògùn, ó yẹ kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ká padà wá bí ara rẹ̀ bá ti yá dáadáa, kí wọ́n lè fún un lábẹ́ àmójútó.

Bàbá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Ọ̀rọ̀ Tíṣà Ìmọ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ, pé kí wọ́n má fi ọmọ òun dán nǹkan wò. Mo ti ka èsì Apòògùn sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bi dókítà yẹn léèrè fúnra wọn, a sì ti fi í sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tíṣà Ìmọ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, mà. Kí wọ́n béèrè bóyá adirẹnalíìn wà nínú iyàrá náà kí wọ́n tó jókòó.